Ìwọ̀n ara obìnrin fún gáùn: àlàyé fún ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ télọ̀

Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ jù lẹ́nu yín nìyí: "Ọ̀gá, mo wọn àǹtí yìí dáadáa, mo sì gé e bí ẹ ṣe kọ́ mi, kí ló wá dé tí gáùn yẹn ò jókòó lára wọn?" Ẹ ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í tú dáàtì, ẹ ó tú síìpù, ẹ ó fún ẹ̀gbẹ́ wọlé díẹ̀, ẹ ó tún un rán, kò sì ní jókòó náà, torí pé ìdí ìwọ̀n ni wàhálà yẹn ti bẹ̀rẹ̀, kí síọ́ọ̀sì tó kan aṣọ rárá. Gáùn tó fún ara, èyí tí wọ́n fi àǹkárá tàbí léèsì rán, ni mo máa fi ṣàlàyé, torí òun ni kì í bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Bùbá lè fẹ̀ díẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má mọ̀, ìró sì rèé, wíwé ni wọ́n ń wé e. Gáùn tó fún ara ò ní ibi tó máa sá sí.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni pé àṣìṣe ínṣì kan ò rí bákan náà níbi gbogbo. Tẹ́ ẹ bá wọn bọ́ọ̀sì, ìyẹn yíyíká àyà níbi tí ọmú ti ga jù, tó yẹ kó jẹ́ 40 tẹ́ ẹ wá kọ 41, nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ gé e ẹ máa pín in sí mẹ́rin, 10 á wá di 10 àti kọ́tà. Àṣìṣe ínṣì kan yẹn ti pín ara rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́rin, kọ́tà ínṣì kọ̀ọ̀kan, ẹ lè fi ìrán ẹ̀gbẹ́ mú un kúrò. Ṣódà ńkọ́? Ẹ máa ń pín in sí méjì, nítorí náà ínṣì kan á di ààbọ̀ ínṣì ní apá kọ̀ọ̀kan, ìyẹn á sì hàn ṣáká níbi tí apá aṣọ ti so mọ́ èjìká. Àmọ́ tó bá wá kan àwọn ìwọ̀n tó ń lọ sísàlẹ̀, bíi ṣódà tu nípù, ṣódà tu ọ́ńdà-bọ́ọ̀sì àti háàfù-lẹ́ńtì, a kì í pín ìyẹn sí nǹkan kan. Bẹ́ ẹ ṣe wọ̀n ọ́n lẹ ṣe máa gé e, tẹ́ ẹ bá fi ínṣì kan ṣì í, ínṣì kan gangan ló máa hàn lára oníbàárà, kò sì sí ìrán ẹ̀gbẹ́ tó lè tún un ṣe, torí aṣọ tó ti kúrú, ó ti kúrú nìyẹn.

Mo sọ èyí torí pé gbogbo ọmọ iṣẹ́ tí mo ti rí, ibi bọ́ọ̀sì àti hípù ni wọ́n máa ń fara balẹ̀ sí jù, wọ́n á wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á tún un wò, tí wọ́n bá wá dé ibi háàfù-lẹ́ńtì báyìí wọ́n á kàn na téèpù sílẹ̀ fìrí, wọ́n á pe nọ́ńbà kan, wọ́n á kọjá. Ó yẹ kó jẹ́ òdìkejì ni.

Kí téèpù tó kan ara

Ẹ yẹ téèpù yín wò. Téèpù télọ̀ jẹ́ 60 ínṣì, ẹ̀yìn rẹ̀ sì jẹ́ 150 sẹ̀ǹtímítà, rọ́bà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ó sì máa ń fà tó bá ti pẹ́, pàápàá èyí tí wọ́n máa ń so mọ́ ẹsẹ̀ máṣíìnì tàbí tí oòrùn ń pa lójú fèrèsé. Tẹ́ ẹ bá na téèpù tó ti fà sára èèyàn, iye tó máa pè kéré sí iye tí ara náà jẹ́, torí àwọn ìlà rẹ̀ ti jìnnà síra wọn, ara tó jẹ́ 40 á máa pe 39 àti ààbọ̀. Ẹ tẹ́ ẹ sórí rúlà onírin tàbí igi yáàdì tó jẹ́ 36 ínṣì, tí 36 wọn ò bá bára mu, ẹ sọ ọ́ nù, kì í ṣe owó púpọ̀. Ẹ wo irin kékeré tó wà lẹ́nu rẹ̀ náà, tó bá ti ń mì tàbí tó ti já, ẹ ò ní mọ ibi tí òdo ti bẹ̀rẹ̀. Tí téèpù méjì bá wà ní ṣọ́ọ̀bù, èyí tẹ́ ẹ fi wọn ara oníbàárà ni kẹ́ ẹ fi gé aṣọ rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo ohun tó wà lára oníbàárà. Kò sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ wọn ara èèyàn lórí jákẹ́ẹ̀tì tàbí lórí bùbá léèsì tó ní òkúta, ẹ ní kí wọ́n bọ́ ti òkè, kí wọ́n wọ síńgílẹ́ẹ̀tì tàbí tọ́ọ̀pù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, tí ṣọ́ọ̀bù bá ní kọ́tìnì ó dáa gan-an. Ẹ bi wọ́n nípa kọ́mú. Ìbéèrè yìí máa ń ti àwọn ọmọ iṣẹ́ lójú, pàápàá ẹ̀yin ọkùnrin, ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n, torí pé kọ́mú tó gbé ọmú sókè dáadáa àti èyí tó ti rọ̀ lè mú kí ṣódà tu nípù fi ínṣì kan, nígbà míì jù bẹ́ẹ̀ lọ, yàtọ̀ síra wọn lára ẹnì kan náà. "Mà, ṣé irú kọ́mú tẹ́ ẹ wọ̀ yìí náà lẹ máa wọ̀ sí gáùn yìí?" Tí wọ́n bá ní rárá, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n padà wá pẹ̀lú èyí tí wọ́n máa wọ̀ lọ́jọ́ náà, tí kò bá sì ṣeé ṣe ẹ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwọ̀n wọn nínú ìwé pé kọ́mú míì ni wọ́n wọ̀, kẹ́ ẹ lè dá dáàtì yẹn dúró títí wọ́n á fi wá dán an wò.

Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ tọrọ àyè kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan obìnrin. Ibi orí ọmú, oníbàárà fúnra rẹ̀ ló yẹ kó fi ìka di téèpù mú níbẹ̀, ẹ̀yin á kàn máa ka nọ́ńbà rẹ̀, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi di ibí yìí mú." Tí obìnrin bá wà ní ṣọ́ọ̀bù, kó bá yín wọ̀n ọ́n. Oníbàárà mùsùlùmí tí ò fẹ́ kí ọkùnrin wọn òun, kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ máa bá a jiyàn lé lórí, ẹ pe obìnrin. Yàtọ̀ sí ọ̀wọ̀, ó kan ìwọ̀n náà fúnra rẹ̀, ẹni tára rẹ̀ ò balẹ̀ á máa sún èjìká síwájú, á máa fa ikùn wọlé, gbogbo nọ́ńbà yẹn ò ní jẹ́ tiẹ̀.

Kí wọ́n dúró bí wọ́n ṣe máa ń dúró, kí ẹsẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀, kí ọwọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ojú wọn máa wo iwájú. Ojú yìí ṣe pàtàkì, torí oníbàárà máa ń fẹ́ wo téèpù, á tẹrí ba láti wo iye tó jẹ́, bó bá sì ti tẹrí ba báyìí èjìká á sún síwájú, iwájú á kúrú, ẹ̀yìn á gùn. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀, ẹ béèrè ọmọ wọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n mí bí èèyàn ṣe ń mí.

Ẹ wá àmì kẹ́ ẹ tó na téèpù

Èyí gan-an ni ọkàn ọ̀rọ̀ náà. Ìwọ̀n kì í ṣe nọ́ńbà lásán, àlàfo láàárín ibì kan sí ibòmíì ni, tẹ́ ẹ ò bá mọ ibi tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tẹ́ ẹ parí sí, téèpù ò lè mọ̀ ọ́n fún yín. Àmì mẹ́ta péré lẹ nílò lára òkè.

Àkọ́kọ́ ni orígun ọrùn, ibi tí ẹ̀gbẹ́ ọrùn ti pàdé èjìká. Tí oníbàárà bá wọ ṣéènì tín-ín-rín sọ́rùn, ibi tí ṣéènì yẹn bá ti sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn ni. Ibẹ̀ ni gbogbo ìwọ̀n tó ń lọ sísàlẹ̀ máa ń ti bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀gá kan máa ń bẹ̀rẹ̀ láti àárín èjìká, kò sí ìjà níbẹ̀, ṣùgbọ́n torí pé èjìká máa ń dagẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà tẹ́ ẹ máa rí láti àárín á kéré sí ti orígun ọrùn. Tẹ́ ẹ bá wọ̀n ọ́n láti àárín èjìká tẹ́ ẹ wá lọ yà á sórí pépà láti orígun ọrùn, aṣọ ti kúrú nìyẹn kẹ́ ẹ tó gé e. Ẹ bi ọ̀gá yín ibi tó ti máa ń bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ lára, lórí pépà, lórí aṣọ, nígbà gbogbo.

Àmì kejì ni òpin èjìká. Ẹ má wo ibi tí ìrán apá aṣọ tí wọ́n wọ̀ wà o, télọ̀ míì ló rán ìyẹn, ẹ ò mọ̀ bóyá òun náà ṣì í. Ẹ ní kí wọ́n gbé apá sókè sẹ́gbẹ̀ẹ́ títí tó fi máa dọ́gba pẹ̀lú èjìká, ẹ máa rí i pé ihò kékeré kan á jìn síbi tí apá ti so mọ́ èjìká, ẹ fi ìka síbẹ̀, kí wọ́n wá sọ apá sílẹ̀, egungun tó wà lábẹ́ ìka yín yẹn ni òpin èjìká. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i lápá méjèèjì. Láti egungun kan sí èkejì lẹ ti máa wọn ṣódà, ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ gbà, kẹ́ ẹ jẹ́ kí téèpù tẹ̀ lé bí ẹ̀yìn ṣe rí, ẹ má ṣe nà án gan. Tí ṣódà bá fẹ̀ jù, orí apá aṣọ á wọ́ sílẹ̀ sórí apá, tó bá kéré jù, oníbàárà ò ní lè na ọwọ́ síwájú gba nǹkan láìjẹ́ pé aṣọ fún un lábíyá, àwọn kan á sì rò pé abíyá ló kéré, wọ́n á máa gbẹ́ abíyá, wàhálà á wá pọ̀ sí i.

Ìkẹta ni wéésì, òun ló ń dà wá láàmú jù. Wéésì tí mò ń sọ kì í ṣe ibi tí wọ́n ń ta ìró sí, kì í ṣe ibi tí síkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n wọ̀ wá parí sí, torí pé ẹlòmíì máa ń so síkẹ́ẹ̀tì lókè lábẹ́ ọmú, ẹlòmíì máa ń jẹ́ kí bẹ́lítì sọ̀ sábẹ́ ikùn. Ẹ ní kí wọ́n tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀, ibi tí ara bá ti ká lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni wéésì. Ẹ mú rọ́bà lásítíìkì tín-ín-rín, kẹ́ ẹ so ó yí wọn ká níbẹ̀, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n mì díẹ̀, kí wọ́n yí ọ̀tún yí òsì, lásítíìkì yẹn á fúnra rẹ̀ lọ jókòó síbi tó yẹ. Ẹ má tú u títí tẹ́ ẹ fi máa parí. Àwọn tí ikùn wọn yọ síwájú, ẹ wọn wéésì, kẹ́ ẹ tún wọn ibi tí ikùn ti ga jù lọ́tọ̀, kẹ́ ẹ kọ bó ṣe jìnnà sí wéésì tó, torí gáùn tí wọ́n gé fún wéésì nìkan á há sí wọn níkùn bó tiẹ̀ gba hípù wọn dáadáa.

Àwọn ìwọ̀n tó ń lọ sísàlẹ̀

Ní báyìí tí àmì ti wà, ẹ fi irin téèpù lé orígun ọrùn kẹ́ ẹ sì dì í mú níbẹ̀ gbọn-in, ẹ jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ sórí ọmú, ẹ ka ibi orí ọmú, ìyẹn ṣódà tu nípù. Ẹ má gbé irin téèpù kúrò lọ́rùn. Ẹ jẹ́ kí téèpù tẹ̀ lé ara wọ abẹ́ ọmú, ẹ ka ibi tí ọmú ti parí, ìyẹn ṣódà tu ọ́ńdà-bọ́ọ̀sì. Kẹ́ ẹ tún máa bọ̀ títí dórí lásítíìkì, ìyẹn háàfù-lẹ́ńtì iwájú. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ fi téèpù lé ọrùn, ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ kà á. Àwọn tó máa ń gbé téèpù kúrò kí wọ́n tó wọn èyí tó kàn, ibi tí wọ́n bá gbé e padà sí kì í bá ti tẹ́lẹ̀ mu, nọ́ńbà mẹ́ta yẹn á wá dà bíi pé ara ẹni mẹ́ta ni wọ́n ti mú un.

Téèpù ò gbọdọ̀ fò láti orí ọmú bọ́ sí wéésì bí okùn aṣọ tí wọ́n nà sáàárín òpó méjì tẹ́ ẹ bá fẹ́ rán gáùn tó máa wọ abẹ́ ọmú. Àmọ́ tí sítáì náà bá jẹ́ èyí tó kàn sọ̀ kalẹ̀ láti orí ọmú láìwọ abẹ́, ẹ jẹ́ kó sọ̀ bẹ́ẹ̀, torí ìwọ̀n méjèèjì ò lè dọ́gba lára ẹni tí ọmú rẹ̀ tóbi. Torí náà ẹ béèrè sítáì kẹ́ ẹ tó wọn èèyàn, ẹ má wọ̀n ọ́n tán kẹ́ ẹ tó béèrè.

Nípù tu nípù náà wà níbẹ̀, láti orí ọmú kan sí èkejì, kí téèpù gún régé, kó má jìn sí àárín ọmú méjèèjì. Ẹ máa pín in sí méjì nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí dáàtì máa wà. Òun pẹ̀lú ṣódà tu nípù ló ń sọ ibi tí ẹnu dáàtì máa kọjú sí, ẹnu dáàtì á sì dúró díẹ̀ kó tó kan orí ọmú gan-an, ó lè tó ínṣì kan, kó má bàa yọ ṣóńṣó. Bẹ́ ẹ bá rí gáùn tí aṣọ rẹ̀ wú bíi bọ́ọ̀lù kékeré lókè ọmú tàbí lábẹ́ rẹ̀, níbi tí kò sí ẹran kankan, ẹ má fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́ o, ìwọ̀n ṣódà tu nípù ni kẹ́ ẹ padà lọ wò.

Lẹ́yìn náà ẹ yí wọn padà, kẹ́ ẹ wọn háàfù-lẹ́ńtì ẹ̀yìn láti orígun ọrùn kan náà sórí lásítíìkì kan náà. Púpọ̀ nínú wa ò kì í wọ̀n ọ́n. Wọ́n á ní tiwájú ti tó, wọ́n á fi nọ́ńbà kan gé iwájú àti ẹ̀yìn. Àmọ́ iwájú obìnrin ní ọmú tó gbọ́dọ̀ gorí rẹ̀, ẹ̀yìn ò ní, nítorí náà iwájú máa ń gùn jù ú lọ lára púpọ̀ nínú wọn, lára ẹni tí ọmú rẹ̀ kéré ó lè má ju ààbọ̀ ínṣì lọ, lára ẹni tí ọmú rẹ̀ tóbi ó lè tó ínṣì kan àti ààbọ̀ sí méjì. Tẹ́ ẹ bá gé méjèèjì dọ́gba fún ẹni tí ọmú rẹ̀ tóbi, ìlà wéésì á gòkè níwájú, á sọ̀ lẹ́yìn, ìrán ẹ̀gbẹ́ á máa wọ́ síwájú, ẹsẹ̀ gáùn á ká sókè níwájú. Tẹ́ ẹ bá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ oníbàárà lọ́jọ́ tó wá dán aṣọ wò, ẹ máa rí i kedere. Àwọn tí ẹ̀yìn wọn tẹ̀ síwájú díẹ̀, bí àwọn ìyá àgbà, tiwọn lè yí padà, ẹ̀yìn wọn lè gùn ju iwájú lọ, ẹ wọ̀n ọ́n kẹ́ ẹ má rò ó.

Àwọn tó yí ara ká

Ibí yìí ò le tó bẹ́ẹ̀. Fún bọ́ọ̀sì, ọ́ńdà-bọ́ọ̀sì, wéésì àti hípù, kí téèpù yí ara ká kó dọ́gba láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ni kì í dọ́gba, ẹ wà níwájú ẹ ò rí i, téèpù á ti sọ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn bọ́ọ̀sì, ẹ rìn lọ sẹ́yìn kẹ́ ẹ wò ó, tàbí kẹ́ ẹ lo dígí. Kí téèpù kan ara láìfún un, tí ìka kan bá lè wọlé sábẹ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé téèpù ń já sílẹ̀, ó ti tó. Hípù ni ibi tí ìdí ti ga jù, ẹ ní kí wọ́n pa ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, kí wọ́n yọ fóònù àti kọ́kọ́rọ́ kúrò lápò, kẹ́ ẹ sì wọn bí ibẹ̀ ṣe jìnnà sí ọrùn tó, ìyẹn ṣódà tu hípù. Ráńdì sílíìfù, ẹ wọ̀n ọ́n níbi tí apá ti ki jù, kí wọ́n tẹ ìgúnpá díẹ̀, apá tó nà gbọnrangandan tín-ín-rín ju apá tó tẹ̀ lọ, a ò sì lè máa na apá ká gbogbo ọjọ́ òde.

Ẹ jọ̀ọ́, ara ni kẹ́ ẹ kọ sínú ìwé, ẹ má kọ aṣọ. Mo ń sọ nípa àyè mímí. Àǹkárá ò fà, léèsì tó ní láínìn ò fà, nítorí náà a máa ń fi nǹkan bí ínṣì kan àti ààbọ̀ sí méjì lé bọ́ọ̀sì lápapọ̀ kí èèyàn lè mí kó sì jókòó, sítáì kọ́sẹ́ẹ̀tì kì í gbà tó bẹ́ẹ̀, ọ̀gá kọ̀ọ̀kan sì ní iye tiẹ̀. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ọmọ iṣẹ́ á wọn 40, á wá ro pé ẹ jẹ́ kí n ṣàánú àǹtí yìí, á kọ 42. Ọ̀gá tó fẹ́ gé e ò mọ̀, á rò pé 42 ni ara, á tún fi méjì tiẹ̀ kún un, gáùn á di 44 fún ara tó jẹ́ 40. Ínṣì mẹ́rin, ó ti di bùbá. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo máa fi àyè sí i, kó sì jẹ́ ẹni tó ń gé aṣọ.

Pípe nọ́ńbà àti kíkọ ọ́

Tí ẹnì kan bá ń wọ̀n ọ́n tí ẹnì kejì ń kọ ọ́, àṣìṣe tún ní ọ̀nà míì nìyẹn. Fífítìn àti fífítì jọra létí, tàtìn àti tátì jọra, pàápàá tí jẹnẹrétọ̀ bá ń pariwo níta. Ẹni tó ń kọ ọ́ gbọ́dọ̀ pè é padà: "Ṣódà, wọn-fáìfù, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" kó dúró kó gbọ́ bẹ́ẹ̀ ni kó tó lọ síwájú. Àwọn ìlà kéékèèké inú ínṣì náà, mẹ́jọ ni wọ́n lórí ọ̀pọ̀ téèpù, ìlà mẹ́rin ni ààbọ̀, ìlà méjì ni kọ́tà. Mo ti rí ìwé tí wọ́n kọ 14.2 sí, ẹni tó kọ ọ́ ní ìlà méjì lòun ní lọ́kàn, ẹni tó gé e sì kà á sí nǹkan míì. Ẹ kọ 14¼, ẹ kọ 14½, kó yé gbogbo èèyàn. Ẹ kọ orúkọ sítáì, kọ́mú àti déètì ọjọ́ tẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n síbẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ ká wo ìwé kan pọ̀

Ká ní oníbàárà kan fẹ́ rán gáùn léèsì fún aṣọ ẹbí, ọmọ iṣẹ́ wọ̀n ọ́n, ohun tó kọ nìyí: ṣódà 16, bọ́ọ̀sì 42, ọ́ńdà-bọ́ọ̀sì 36, wéésì 35, hípù 46, ṣódà tu nípù 11, ṣódà tu ọ́ńdà-bọ́ọ̀sì 14½, háàfù-lẹ́ńtì 15½, ṣódà tu hípù 26. Kò sí nọ́ńbà kankan níbẹ̀ tó ya èèyàn lẹ́nu tẹ́ ẹ bá ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Àfi tẹ́ ẹ bá yọ ìkan kúrò nínú ìkan.

Ẹ yọ 14½ kúrò nínú 15½, ó ku ínṣì kan. Ìyẹn ni pé láti abẹ́ ọmú obìnrin yìí dé wéésì rẹ̀ jẹ́ ínṣì kan péré. Lára àgbàlagbà, nǹkan bí ínṣì méjì àti ààbọ̀ sí mẹ́rin la sábà máa ń rí níbẹ̀, àfi ẹni tí ọmú rẹ̀ sọ̀ sílẹ̀ gan-an, kọ́mú rẹ̀ á sì ti sọ ìyẹn fún yín. Ẹ wá yọ 15½ kúrò nínú 26, ó ku 10½, ìyẹn láti wéésì dé hípù. Ibẹ̀ náà sábà máa ń jẹ́ nǹkan bíi 7 sí 9, 10½ ti gùn jù. Ẹ wò ó, lókè ó kúrú jù, nísàlẹ̀ ó gùn jù, ohun kan ṣoṣo tó wà láàárín méjèèjì ni wéésì. Nítorí náà ṣódà tu hípù ò ṣì, ọ́ńdà-bọ́ọ̀sì ò ṣì, ibi tí ọmọ iṣẹ́ yẹn pè ní wéésì ló ga jù. Síkẹ́ẹ̀tì tí oníbàárà wọ̀ wá ló ní béǹdì lókè, orí béǹdì yẹn ló dúró sí.

Ẹ tún wo 35 yẹn. Ọ́ńdà-bọ́ọ̀sì jẹ́ 36, wéésì sì jẹ́ 35, ó fẹ́ẹ̀ dọ́gba, torí pé orí ìhà ló wọ̀n, kò tíì dé wéésì. Tí wọ́n bá ti gé e báyìí, ibi tó tín-ín-rín jù lára gáùn á wà lórí ìhà rẹ̀, á há a tó bá jókòó, ibi wéésì rẹ̀ gan-an á ti ṣí sílẹ̀ torí ibẹ̀ ni aṣọ ti ń fẹ̀ lọ síbi hípù, aṣọ á ká jọ lẹ́yìn, gáùn á máa gùn sókè bó ṣe ń rìn. Wọ́n á sì sọ pé síìpù ni.

Wọ́n so lásítíìkì, wọ́n tún un wọ̀n: háàfù-lẹ́ńtì iwájú 17½, ẹ̀yìn 16, wéésì 33½. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. 17½ yọ 14½, ó ku 3. 26 yọ 17½, ó ku 8½. Méjèèjì ti bọ́ sí ibi tó yẹ. Iwájú fi ínṣì kan àti ààbọ̀ ju ẹ̀yìn lọ, ẹni tí bọ́ọ̀sì rẹ̀ fi ínṣì mẹ́fà ju ọ́ńdà-bọ́ọ̀sì rẹ̀ lọ, ó bá a mu. Kọ́tà wéésì kúrò ní 8¾ ó di 8⅜, ìyàtọ̀ kékeré nìyẹn, àmọ́ ibi tí wéésì wà sọ̀ kalẹ̀ ní ínṣì méjì gbáko, òun ni ìbá ba léèsì yẹn jẹ́.

Ìyọkúrò méjì yìí ò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, ẹ ṣe é nígbà tí oníbàárà ṣì wà níwájú yín tí lásítíìkì sì wà lára rẹ̀. Tó bá ti lọ, kò sí ohun tẹ́ ẹ lè fi mọ̀ mọ́.

Ó kù díẹ̀ nípa àwọn tó ń fi ìwọ̀n ránṣẹ́ láti òkè òkun lórí Wọ́sáàpù. Wọ́n lè wọ̀n ọ́n ní sẹ̀ǹtímítà, ínṣì kan jẹ́ 2.54 sẹ̀ǹtímítà, torí náà tí wọ́n bá kọ bọ́ọ̀sì 102, ẹ pín in sí 2.54, ó jẹ́ 40 ínṣì àti díẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ háàfù-lẹ́ńtì, ẹ ní kí wọ́n so okùn mọ́ wéésì kí ẹlòmíì bá wọn wọ̀n ọ́n, torí èèyàn ò lè wọn ara ẹ̀ kó má tẹrí ba, kẹ́ ẹ sì ṣe ìyọkúrò méjèèjì kẹ́ ẹ tó gé nǹkan kan. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ lo ìwọ̀n ọdún tó kọjá, ẹ wo déètì tó wà nínú ìwé, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti sanra, wọ́n ti rù, tàbí wọ́n ti bímọ láti ìgbà yẹn. Tó bá jẹ́ aṣọ ni wọ́n fi ránṣẹ́ pé kẹ́ ẹ fi ṣe ìwọ̀n, ẹ rántí pé àyè mímí ti wà nínú aṣọ yẹn tẹ́lẹ̀, ẹ má fi òmíràn kún un.